Àáró, Ọ̀wẹ̀, àti Ẹni tí Kò Lè Wá

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń yọjú ní àwọn abúlé oko wa nígbàkigbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ sì ti rọ̀ fún ọkọ́. Bí ẹlẹgbẹ́ ẹni nínú iṣẹ́ bá bẹ̀ wá pé kí a fi ọjọ́ kan kún èyí tí a ti fún un, tí a kò sì ní ọjọ́ náà láti fún un, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ha ni láti sọ fún un pé a kò lè wá? Àwọn kan ń wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀ kì í sọ pé òun kò lè ṣe é. Àwọn mìíràn ń wí pé kí olúkúlùkù mójú tó oko tirẹ̀. Ní tiwa, a rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dé ibi tí ìṣòro náà wà, a ó sì gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ hàn.

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a rántí irú iṣẹ́ tí àwọn baba wa ń ṣe fún ara wọn. Oríṣi méjì ni. Èkínní ni àáró. Àwọn díẹ̀ tí agbára wọn súnmọ́ ara wọn, bóyá ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tàbí márùn-ún, yóò kó ara wọn jọ; wọn yóò ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀kan lónìí, ní oko èkejì lọ́la, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Ohun tí a bá fún ẹlẹgbẹ́ wa ni yóò san padà fún wa: ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá dé bá, bí ilé mímọ tàbí igbó ńlá tí a fẹ́ ṣán, yóò pe ọ̀pọ̀ ènìyàn, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn. A kì í ka ọjọ́ lé ara wa lórí nínú ọ̀wẹ̀ bí a ti ń kà á nínú àáró. Ìfẹ́ àti ìbátan ni ó ń gbé ènìyàn lọ síbẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí alágbàṣe tí a ń sanwó fún ti gba ipò àwọn méjèèjì, ìlànà tí ó wà nínú wọn kò tíì parẹ́, a sì ń rí i ní ilé ìwé àti ní ọ́fíìsì pẹ̀lú.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí ìbéèrè wa. Ẹni tí a bá bẹ̀ fún iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: gbèsè ni èyí tí a ń bi mí, tàbí oore? Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ àáró tí ẹlẹgbẹ́ mi ti ṣiṣẹ́ fún ni ó ń béèrè, gbèsè ni. Ó ti fi òógùn rẹ̀ san án ṣáájú, kò sì sí ọ̀rọ̀ dídùn tí ó lè mú gbèsè náà kúrò lọ́rùn mi. Bí mo bá kọ̀ ọ́, jíjẹ ni mo jẹ ẹ́ níyà. Ṣùgbọ́n bí yíyí náà bá ti parí, tí olúkúlùkù ti gba ọjọ́ tirẹ̀, tí ó wá ń béèrè ọjọ́ kan sí i, kì í ṣe gbèsè mọ́. Oore ni, tàbí àwìn tuntun. Ẹni tí a ń tọrọ oore lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wo àpò rẹ̀ kí ó tó fi fúnni, nítorí ohun tí ó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ó ń wáyé láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ jẹ́ nítorí pé ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè, tí ẹni tí a ń bẹ̀ sì ń dáhùn bí ẹni tí a fẹ́ jà lólè.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, kí a sì tọ̀ ọ́ dé òpin. Ẹ ka àwọn ènìyàn mẹ́rin kan sí abúlé kan ní ìhà Lágelú, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Ìyànà-Ọ̀fà. Wọ́n dá àáró sílẹ̀ fún ebè kíkọ. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣe ti èyí tí ó kéré jù nínú wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni wọ́n ṣe ti àwọn méjì tí ó tẹ̀lé e. Ọjọ́bọ̀ sì ni ti ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé olúkúlùkù ń kọ ebè 200 ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, ebè 800 ni ẹ̀gbọ́n ní nígbà tí oòrùn wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gba ilẹ̀ díẹ̀ sí i létí odò ní ọdún yìí, ó sì ku ebè 600 kí èbù iṣu rẹ̀ tó rí ibi jókòó. Ó ti gé èbù náà, ó ti fi eérú pa ojú gígé wọn, ó sì ti tẹ́ wọn sí abẹ́ òjìji. Nítorí náà ni ó ṣe yíjú sí àwọn mẹ́ta ìyókù ní alẹ́ náà, ó ní, “Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ bá mi wá lọ́la, kí a lè parí rẹ̀.”

Èyí tí ó kéré jù nínú wọn kò lè wá, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti fa ẹ̀gẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ náà gan-an, gbogbo rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lóko. Gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣe gààrí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti fà kò dàbí iṣu tí a lè tò sí àká. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ru ú wá sílé, kí wọ́n bó o, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti bá gba àyè sílẹ̀. Bí ọkọ bá lọ kọ ebè fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ náà, iṣẹ́ obìnrin náà àti ti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ṣe oore, kì í ṣe ti ara rẹ̀. Ní ibí yìí ni a ti rí i pé àpò tí a ń wò yẹn kò ṣófo. Ẹrù ẹlòmíràn ni ó wà nínú rẹ̀.

Kí ni ó lè wí? Ìdáhùn mẹ́ta ni ó rọrùn fún ẹnu rẹ̀, gbogbo wọn ni kò sì dára. Èkínní ni, “Kò burú, ẹ̀gbọ́n.” Èyí ni a ń gbọ́ jù lọ láàrin wa, nítorí ó ń mú kí ojú má tì wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yóò sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Aya rẹ̀ yóò se oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin. Wọn yóò máa wo ọ̀nà títí agogo 9 yóò fi lù. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ó lè wá alágbàṣe fún ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn tí ó ní agbára ti lọ sí oko ẹni tí ó ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wí pé “kò burú” tí kò sì wá kò gba ebè nìkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gba alẹ́ tí ì bá fi wá ọ̀nà mìíràn. Olúwa wa pa òwe kan nípa irú èyí, tí a kọ sínú Ìhìnrere Mátíù orí 21, nípa àwọn ọmọ méjì tí baba wọn rán lọ sí ọgbà àjàrà. Ọ̀kan kọ̀, ó sì lọ níkẹyìn. Èkejì gbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sì lọ. Àwa mọ èyí tí a kà sí ẹni tí ó ṣe ìfẹ́ baba rẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni, “N kò ráyè,” kí ó sì yí padà lọ. Òtítọ́ ni, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni níbi bí èkínní. Síbẹ̀ ó fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ níbi tí ó bá a, pẹ̀lú èbù tí a ti gé àti ebè 600, láìwò ó bí ọ̀nà kan bá wà tí ó lè là fún un láìpa ara rẹ̀ lára. Ìdáhùn kẹta ni èyí tí ó dàbí oore tí kì í sì í ṣe oore: “Ẹ jẹ́ kí òṣù yìí parí ná, ẹ̀gbọ́n, n ó wá fún ọjọ́ méjì.” Ọjọ́ méjì pọ̀ ju ọjọ́ kan lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èbù yóò ti jẹrà nígbà náà. Bákan náà ni ti ẹni tí ó wí pé, “N ó rán ọmọ mi wá dípò,” nígbà tí ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ ilé ìwé. Oore tí a fi ìwé ọmọ san kò jáde láti àpò baba.

Ìdáhùn tí àwa yóò fẹ́ kí ó fún un nìyí, kí ó sì fún un ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, kí wọ́n tó kúrò lóko: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. N kò ní lè wá lọ́la. A fa ẹ̀gẹ́ lónìí, kò sì ní dúró dè mí. Ọ̀la ni a ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni a ó tún bẹ̀rẹ̀ àáró lọ́dọ̀ mi. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì yìí sì fọwọ́ sí i, ẹ gba ọjọ́ Ajé náà, kí n gba Ọjọ́bọ̀ tiyín. Oko mi lè dúró di Ọjọ́bọ̀.”

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ 200 fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, àti 200 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 200 ni yóò kù. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn mẹ́rin yóò pín 200 yìí sí 50 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì ti parí rẹ̀ kí oòrùn tó gun òkè. Ìyókù ọjọ́ náà ni wọn yóò fi bá a gbin èbù. Èbù tí a fi eérú pa lójú, tí ó wà lábẹ́ òjìji, lè dúró di ọjọ́ Ajé láìbàjẹ́. Àwọn méjì ìyókù kò pàdánù ohunkóhun, nítorí ọjọ́ kan tí wọn ì bá fún àbúrò ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n, wọn yóò sì fún àbúrò ní ti Ọjọ́bọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó san ohun kan, òun sì ni ẹni tí ó dá ìmọ̀ràn náà: oko rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta sí i.

Nínú àpẹẹrẹ yìí ni a ti lè rí ohun tí ó ń mú kí ọ̀nà mìíràn jẹ́ ọ̀nà ní tòótọ́. Ó gbọ́dọ̀ dé kí ohun tí a fẹ́ gbà là tó bàjẹ́; kì í ṣe ìgbà tí ó rọ̀ wá lọ́rùn ni a ń wò, bí kò ṣe ọjọ́ tí èbù lè dúró. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa láti fúnni. Bí apá kan rẹ̀ bá sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, a gbọ́dọ̀ bi ẹni náà léèrè lójú gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí àbúrò ti bi àwọn méjì yẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ àti ìwọ̀n tí ènìyàn lè dì mú. Ẹni tí ó bá wí pé, “N ó wò ó bí mo bá ráyè,” kò tíì fúnni ní ohunkóhun. Ìrètí lásán ni ó fi dí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti wá ìrànlọ́wọ́ níbòmíràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú ìdáhùn yìí jẹ́ àṣà ayé nìkan, kí ó ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń pọ̀ sí i ní Jerúsálẹ́mù, àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì nínú wọn kùn sí àwọn Hébérù, pé a ń fo àwọn opó wọn nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹ̀sùn náà tọ́. Àwọn opó náà kò rí jẹ bí ó ti yẹ. Àwọn Méjìlá kọ̀ láti fi iṣẹ́ tábìlì kún iṣẹ́ wọn, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, pé àdúrà àti iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà yóò jìyà. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n dárúkọ iye, ènìyàn 7. Wọ́n dárúkọ irú ènìyàn tí ó yẹ. Wọ́n sì fi yíyàn sọ́wọ́ ìjọ. Orúkọ gbogbo àwọn tí a yàn, láti orí Stéfánù títí dé Nikólà ará Áńtíókù, jẹ́ orúkọ Gíríìkì. Ó jọ pé láàrin àwọn tí ìṣòro náà kàn gan-an ni a ti rí àwọn tí yóò bójú tó o. Ìkọ̀sílẹ̀ náà kò fi ebi sílẹ̀ lára opó kan.

Ẹnìkan lè dá wa dúró níhìn-ín pé: “Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnu ọmọdé gba irú ọ̀rọ̀ yìí níwájú àgbà.” A gbà pé ó ṣòro. Láàrin wa, àgbà kì í fẹ́ gbọ́ “n kò lè wá” lẹ́nu àbúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ wà nínú ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́, kò sí nínú fífi òtítọ́ pamọ́. Kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó kí i fún iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí ó sọ ohun tí kò lè ṣe ní gbólóhùn kan, kí ó sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀kan, kí ó sì yára dé orí ohun tí ó lè ṣe. Kí ó má ṣe kó ìdí mẹ́fà jọ, nítorí ìdí púpọ̀ a máa jọ irọ́, àgbà a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rù bá ń bà á láti sọ ọ́, tí ó sì fẹ́ rán ẹlòmíràn sí i, kí ó rántí pé ìránṣẹ́ a máa gbé “kò lè wá” dé, a sì máa gbàgbé “ẹ gba ọjọ́ Ajé” sójú ọ̀nà. Àwọn baba wa wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹnu ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni obì ti í yọ jù.

Ó kù sí i pé ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà kankan lọ́wọ́ ẹni. Bí ọjọ́ Ajé bá ti jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí agbára sì ti tán, kí ó wí pé òun kò lè wá àti pé òun kò ní ohun tí òun lè fi dípò. Ọ̀rọ̀ náà korò, ṣùgbọ́n ó fi alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n láti wá alágbàṣe. Kí ó má ṣe hùmọ̀ ọ̀nà tí kò sí kí ó lè bọ́ nínú ìtìjú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà wà tí ìṣirò wa yìí kò gbọ́dọ̀ ní ẹnu. Bí ẹ̀gbọ́n bá wà lórí àkéte àìsàn, tí èbù rẹ̀ sì ń jẹrà, kì í ṣe ilẹ̀ àfikún ni ó mú un wá sọ́dọ̀ wa mọ́; a lè jẹ́ kí apá kan ẹ̀gẹ́ wa bàjẹ́ nítorí rẹ̀, kí a má sì kà á sí i lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá ń béèrè ọjọ́ àfikún ní gbogbo yíyí, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ti tóbi ju àáró ènìyàn mẹ́rin lọ. Bí a bá ń fi ọjọ́ wa ṣe pààrọ̀ fún un nígbà gbogbo, ẹnìkan yóò máa wà níwájú títí láé, ẹnìkan yóò sì máa wà lẹ́yìn, títí àáró náà yóò fi tú. Ọ̀nà tí ó yẹ kí a fi hàn án nígbà náà ni pé kí ó mú ẹnìkan sí i wọ inú àáró, tàbí kí ó gba alágbàṣe fún ilẹ̀ etí odò yẹn, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti ro. Kí gbogbo wọn jókòó sọ ọ́ lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ọkọ́ wà lókè àjà, nítorí àárín òjò kọ́ ni a fi ń tún òfin àáró ṣe. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n yóò lè ṣe ìṣirò ilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó gé èbù kan ṣoṣo, yóò sì mọ iye ebè tí ó lè retí lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti iye tí ó gbọ́dọ̀ fi owó wá.